Yíyẹ Àpilẹ̀kọ Ìwádìí Wò Fínnífínní: Ìwádìí E-MOTIVE Lórí Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Ya Lẹ́yìn Ìbímọ

Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtọ́jú tí a gbé ka ẹ̀rí, ìyẹn ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì yàn nítorí pé ìwádìí tó ṣe é gbára lé ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é ní wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́, sábà máa ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àpilẹ̀kọ ìwádìí kan, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí ó sì sọ bóyá ó tó ìdí láti yí ìtọ́jú padà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń tún àkótán àpilẹ̀kọ náà kọ ní ọ̀rọ̀ ara wọn, tí wọ́n á sì fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀ pé ìwádìí náà dára nítorí pé àwọn tó kópa nínú rẹ̀ pọ̀. Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò. Ohun tí àyẹ̀wò ń béèrè ni pé kí ènìyàn tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn lọ sí ibi tí ó ti ṣẹ̀, kí ó mọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, bí ó ṣe wọ̀n ọ́n, ohun tí wọ́n fi wé, àti àwọn aláìsàn tí àbájáde náà kò sọ ohunkóhun nípa wọn.

Àpilẹ̀kọ tí orí yìí yóò yẹ̀ wò ni ti ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn New England Journal of Medicine. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú iṣẹ́ náà, àjọ Bill àti Melinda Gates ló sì náwó sí i, ṣùgbọ́n inú àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é. Ó bá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mu ju ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ lọ, nítorí pé ọwọ́ agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ni ìtọ́jú tí ó dán wò wà láti ìbẹ̀rẹ̀, àti nítorí pé àwọn àbájáde rẹ̀ ní àwọn ibi gan-an tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà ṣìnà.

Kí olùkàwé tó lè yẹ ìwádìí náà wò, ó ní láti mọ àìsàn tí ó dá lé. Bí obìnrin bá bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ tó jáde lára rẹ̀ láàárín wákàtí 24 bá tó 500 mililítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pe èyí ní ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá tó 1,000 mililítà, ó ti di èyí tó le. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ilé ọmọ kò sún kì lẹ́yìn tí ọmọ àti ibi ti jáde, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà níbi tí ibi ti ya kúrò sì ṣí sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ojú lásán ni agbẹ̀bí fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ náà. Ojú a sì máa tan ènìyàn jẹ, torí pé ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú aṣọ àti òwú, òmíràn ń ṣàn sílẹ̀, òmíràn ń dà pọ̀ mọ́ omi inú ilé ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ojú ṣe máa ń fojú kéré rẹ̀ tó. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ nígbà tí ó ti pẹ́.

Ohun tí E-MOTIVE gbé kalẹ̀ ní apá méjì. Apá àkọ́kọ́ ni ọ̀rá kan tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin ní kété tí ọmọ bá ti jáde, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpò, tí wọ́n sì fa ìlà òṣùwọ̀n sí lára, kí agbẹ̀bí lè fi ojú ara rẹ̀ rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ìlà 500 mililítà, tàbí tí ó bá ti kọjá ìlà 300 tí ìlùkìkì ọkàn, ìfúnpá tàbí ara obìnrin náà sì ń fi ewu hàn, apá kejì bẹ̀rẹ̀ láìsí ìjáfara. Apá kejì yìí jẹ́ ìdìpọ̀ ìtọ́jú: wọ́n á fi ọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn, wọ́n á fún obìnrin náà ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, irú bíi ọsitósìn, wọ́n á fún un ní oògùn tiranẹsámíìkì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún yọ́, wọ́n á fa omi sí i láti inú iṣan, wọ́n á sì yẹ ojú ara rẹ̀ wò bóyá ó ya, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó jù wọ́n lọ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yàtọ̀ sí àṣà àtijọ́ níbi tí wọ́n ti máa ń gbìyànjú ọ̀kan, kí wọ́n dúró wò ó, kí wọ́n tó gbìyànjú òmíràn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣe lórí ìwé ni kí ó kọ ìbéèrè tí ìwádìí náà béèrè sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: láàárín àwọn obìnrin tó bímọ láti ojú ara, ní ilé ìwòsàn tó lágbára iṣẹ́ abẹ, ǹjẹ́ ọ̀rá olóṣùwọ̀n pẹ̀lú ìdìpọ̀ ìtọ́jú, bí wọ́n bá fi wé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ń dín ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀ kù? Gbólóhùn yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n gbogbo àṣìṣe tó máa ń wáyé nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìparí iṣẹ́ náà wá láti inú gbígbàgbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé "láti ojú ara" yóò sọ pé àbájáde náà kan àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gbé ọmọ jáde. Ẹni tó bá gbàgbé "tàbí" yóò sọ pé ìwádìí náà fi hàn pé ikú dín kù.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni ọ̀nà tí wọ́n gbà pín àwọn ènìyàn. Ìwádìí tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú kan ló fa ìyàtọ̀ máa ń ṣẹ́ kèké, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún ní ìtọ́jú tuntun. Nínú E-MOTIVE, ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣẹ́ kèké lé lórí, kì í ṣe obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Agbẹ̀bí tí wọ́n ti kọ́ láti wo ìlà ara ọ̀rá, tí ó sì ti mọ ìdìpọ̀ ìtọ́jú, kò lè gbàgbé ìmọ̀ náà nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Bí wọ́n bá pín àwọn obìnrin inú wọ́ọ̀dù kan náà sí méjì, ìtọ́jú tuntun yóò ràn mọ́ àwọn tí kò yẹ kí wọ́n rí i gbà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì yóò sì parẹ́. Irú ìwádìí báyìí ni wọ́n ń pè ní ìwádìí alákójọpọ̀, nítorí pé àkójọ ènìyàn ni kèké ń mú lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbọ́n yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ olùwádìí. Ata tó wá láti inú apẹ̀rẹ̀ kan náà sábà máa ń jọ ara wọn ní títa, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn obìnrin tó bímọ sí ilé ìwòsàn kan náà ṣe jọ ara wọn: àwọn agbẹ̀bí kan náà ló gbẹ̀bí wọn, àìsí iná kan náà ló dà wọ́n láàmú, oògùn kan náà ló tán ní ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún obìnrin láti ilé ìwòsàn kan kò fúnni ní ìmọ̀ tó ẹgbẹ̀rún obìnrin láti ibi tó yàtọ̀ síra. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní òṣùwọ̀n fún ìjọra yìí. Bí ó bá jẹ́ 0.01 péré, èyí tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ìṣirò rẹ̀ fún ilé ìwòsàn tó ní 1,000 obìnrin yóò lọ báyìí:

```
1 + (1000 − 1) × 0.01 = 10.99
1000 ÷ 10.99 ≈ 91
```

Ìtumọ̀ èyí ni pé ìmọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ̀rún obìnrin náà kò ju ti bíi 91 lọ. Nọ́ńbà 0.01 yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti E-MOTIVE fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi hàn ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi gbọdọ̀ rí ilé ìwòsàn 80 àti obìnrin 210,132 tí àkótán àpilẹ̀kọ náà kà sílẹ̀, kí ó sì fi ìyẹn nìkan kéde pé ìwádìí náà lágbára. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé ǹjẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ka ìjọra yìí sí nínú ìṣirò wọn? Àwọn òǹkọ̀wé E-MOTIVE kà á sí. Wọ́n sì ṣe ohun mìíràn tó dára: wọ́n kọ́kọ́ wo gbogbo ilé ìwòsàn fún oṣù 7 kí kèké tó mú wọn, láti mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi oṣù 7 mìíràn wé ẹgbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n sì fi ipò àkọ́kọ́ tún ìṣirò ìgbẹ̀yìn ṣe.

Ewu kan wà tí ìwádìí alákójọpọ̀ sábà máa ń gbé wá, tí ìwé ìbéèrè àyẹ̀wò tó wọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Nígbà tí obìnrin bá fi máa dé wọ́ọ̀dù, gbogbo ènìyàn ti mọ ẹgbẹ́ tí ilé ìwòsàn náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé agbẹ̀bí ló ń yan ẹni tí yóò wọ inú ìwádìí, ó lè máa mú àwọn tí ara wọn le láìmọ̀. E-MOTIVE bọ́ lọ́wọ́ èyí lọ́nà púpọ̀ nítorí pé gbogbo obìnrin tó bímọ láti ojú ara ní ilé ìwòsàn náà ni wọ́n kà, láìṣe pé ẹnikẹ́ni ń ṣà wọ́n.

Ohun tí wọn kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ìtọ́jú náà pa mọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Agbẹ̀bí tó ń lo ọ̀rá aláàmì mọ̀ pé òun ń lò ó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ "wọn kò fi pa mọ́, nítorí náà ìwádìí náà ní àbùkù", tí wọ́n á sì kọjá lọ. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò tó. Ìbéèrè tó yẹ kí ó tẹ̀ lé e ni bóyá mímọ̀ yìí lè yí àbájáde tí wọ́n ń wọ̀n padà. Ikú kò ṣe é fi ojú inú yí padà. Bí dókítà bá la ikùn, ó la ikùn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpinnu láti là á lè yàtọ̀ láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tó tó 1,000 mililítà ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí.

Ibi yìí ni ìwádìí náà ti fi ọgbọ́n hàn jù lọ, níbẹ̀ náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àkótán nìkan kò ti ní rí ohunkóhun. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan fi ọ̀rá olóṣùwọ̀n wọn ẹ̀jẹ̀, kí ẹgbẹ́ kejì sì fi ojú díwọ̀n rẹ̀, ìwádìí náà ì bá ti wó lulẹ̀, nítorí pé òṣùwọ̀n méjì ni wọn ì bá fi wọn nǹkan kan, ẹgbẹ́ tó ń lo ojú ì bá sì dà bí èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe ìtọ́jú bí ti àtẹ̀yìnwá ní ọ̀rá bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní ìlà òṣùwọ̀n lára. Agbẹ̀bí níbẹ̀ ṣì ń fi ojú díwọ̀n láti pinnu ìtọ́jú, bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọ̀rá náà sórí ìwọ̀n ní ẹgbẹ́ méjèèjì láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Báyìí ni òṣùwọ̀n kan náà ṣe ṣe ìdájọ́ fún gbogbo wọn. Ohun tó kù tí kò mọ́ tán ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ló ń gbé ọ̀rá sórí ìwọ̀n, àti pé omi inú ilé ọmọ tàbí ìtọ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Omi yìí kò ní ìdí láti pọ̀ ní ẹgbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìdájú tòótọ́, kí ó sì sọ pé ó kéré.

Nígbà tí ó bá kan àbájáde, nọ́ńbà tó ṣáájú ni pé ohun búburú tí wọ́n ń ṣọ́ ṣẹlẹ̀ sí obìnrin 1.6 nínú 100 ní ẹgbẹ́ tó lo ìtọ́jú tuntun, àti sí 4.3 nínú 100 ní ẹgbẹ́ kejì. Àwọn òǹkọ̀wé wá kọ ìpín ewu 0.40, pẹ̀lú ààlà ìdánilójú láti 0.32 dé 0.50. Ìpín ewu ni ohun tí ènìyàn ń rí bí ó bá fi ewu ẹgbẹ́ kejì pín ewu ẹgbẹ́ tó gba ìtọ́jú. 1 túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀, 0.40 sì túmọ̀ sí pé ewu tó kù kò tó ìdajì. Ààlà ìdánilójú ni nọ́ńbà méjì tó sọ bí àbájáde náà ṣe lè lọ sókè tàbí sódò tó nítorí kòńgẹ́ lásán: bí wọ́n bá lè tún irú ìwádìí yìí ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì ya ààlà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 95 nínú àwọn ààlà náà ni yóò gba òtítọ́ mọ́ra.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ẹ̀rọ ìṣirò pín 1.6 pẹ̀lú 4.3 yóò rí 0.37, kì í ṣe 0.40, ó sì lè rò pé wọ́n ṣi nọ́ńbà kọ. Wọn kò ṣì í kọ. Nọ́ńbà 0.40 ni èyí tó jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ìjọra àwọn obìnrin inú ilé ìwòsàn kan náà sí, tí wọ́n sì ti fi ipò ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní oṣù 7 àkọ́kọ́ tún un ṣe. Ó dára púpọ̀ kí ènìyàn máa ṣe irú ìṣirò kékeré yìí fúnra rẹ̀, nítorí pé bí èyí tó ṣe àti èyí tí wọ́n tẹ̀ bá yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà yóò mú un padà sí apá tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀nà ìṣirò, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò.

Ìpín ewu nìkan kò lè sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí yóò yí padà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Fún ìyẹn, ó ní láti yọ ewu kan kúrò nínú èkejì. 4.3 yọ 1.6 jẹ́ 2.7 nínú 100, èyí túmọ̀ sí obìnrin 27 nínú ẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá fi 0.027 pín 1, ó jẹ́ 37: obìnrin 37 ni yóò bímọ lábẹ́ ètò tuntun kí ọ̀kan tó bọ́ lọ́wọ́ ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le tàbí ohun tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 37 yìí kì í bá ìwádìí jáde lọ sí ibi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ pé ní ilé ìwòsàn kan 2 nínú 100 ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ìpín ewu 0.40 yóò sọ ọ́ di 0.8 nínú 100, ìyàtọ̀ yóò jẹ́ 1.2, nọ́ńbà náà yóò sì di nǹkan bíi 83. Ìpín ewu ló máa ń dúró gbọn-in láti ibì kan dé òmíràn. Iye àwọn tí yóò bọ́ lọ́wọ́ ewu wà lọ́wọ́ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àkótán náà tún sọ pé P kéré sí 0.001. Ohun tí èyí ń sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́jú náà kò ṣe ohunkóhun, kò tó ìgbà kan nínú ẹgbẹ̀rún tí kòńgẹ́ lásán yóò fi gbé ìyàtọ̀ tó tó èyí jáde. Kò sọ bí ìyàtọ̀ náà ti tóbi tó, kò sì sọ bóyá ó wúlò fún aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi P ṣe ẹ̀rí pé ìtọ́jú náà lágbára ti fi ìdáhùn ìbéèrè kan dá òmíràn lóhùn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gba ìfarabalẹ̀ jù lọ nìyí. Àbájáde tí wọ́n fi ṣe olórí nínú ìwádìí náà jẹ́ àbájáde alákànpọ̀, ìyẹn àbájáde tí wọ́n so nǹkan púpọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹni tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀ sí á di kíkà: ẹ̀jẹ̀ tó tó 1,000 mililítà, iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí ikú nítorí ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí máa ń ṣe báyìí nítorí pé ikú, bí ó ti burú tó, kò wọ́pọ̀ tó láti fi ìyàtọ̀ hàn àyàfi tí ìwádìí bá tóbi kọjá agbára wọn. Wàhálà rẹ̀ ni pé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àkànpọ̀ ló máa ń gbé gbogbo rẹ̀ rù. Nínú E-MOTIVE, ẹ̀jẹ̀ tó tó 1,000 mililítà ló gbé e. Nígbà tí wọ́n ya ikú sọ́tọ̀, obìnrin 12 ni ẹ̀jẹ̀ pa ní ẹgbẹ́ ìtọ́jú tuntun, 18 sì ni ní ẹgbẹ́ kejì; ìpín ewu rẹ̀ jẹ́ 0.80, ààlà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0.38, ó dé 1.68.

Ààlà yìí gba 1 kọjá. Àṣìṣe méjì ló sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nípa rẹ̀, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Ẹni àkọ́kọ́ yóò kọ pé ìtọ́jú náà dín ikú kù, torí pé 12 kéré sí 18. Ẹni kejì yóò kọ pé ìwádìí náà ti fi hàn pé ìtọ́jú náà kò ràn lórí ikú. Àwọn méjèèjì ti sọ ju ohun tí nọ́ńbà náà gbà lọ. Ohun tí ó sọ ni pé òtítọ́ lè jẹ́ ìdínkù ikú tó ju ìdajì lọ, ó lè jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ikú tilẹ̀ pọ̀ sí i. Ikú 30 péré kò tó láti yan ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá kọ ọ́ báyìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé òun mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àìsí ẹ̀rí àti ẹ̀rí àìsí.

Kí wá ni ìyàtọ̀ tó tóbi yìí ti wá? Àpilẹ̀kọ náà fúnni ní ìdáhùn kan tó ṣe kedere. Nínú àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ya lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ nípa 93.1 nínú 100 ní ẹgbẹ́ ìtọ́jú tuntun, ṣùgbọ́n 51.1 péré ni wọ́n mọ̀ ní ẹgbẹ́ kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn ni ojú kò rí. Wọ́n lo ìdìpọ̀ ìtọ́jú fún 91.2 nínú 100 ní ẹgbẹ́ kan, àti fún 19.4 ní ẹgbẹ́ kejì. Àwọn nọ́ńbà yìí ṣe pàtàkì fún àyẹ̀wò nítorí pé wọ́n fi ọ̀nà tí ìtọ́jú náà gbà ṣiṣẹ́ hàn: wọ́n tètè mọ̀, wọ́n sì tètè gbé ìgbésẹ̀. Bí àbájáde ìgbẹ̀yìn bá dára ṣùgbọ́n tí ìlò ìtọ́jú náà kò yàtọ̀ ní ẹgbẹ́ méjèèjì, ó yẹ kí ara fu olùkàwé.

Síbẹ̀, ìwádìí náà kò lè sọ èwo nínú àwọn ẹ̀yà ìdìpọ̀ náà ló ṣiṣẹ́. Ọ̀rá ni àbí oògùn, àbí pé wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n yan agbẹ̀bí àti dókítà tí yóò máa ru àwọn yòókù sókè, wọ́n ń fi èsì iṣẹ́ wọn hàn wọ́n lóòrèkóòrè, wọ́n sì kó gbogbo oògùn sínú àpótí tàbí kẹ̀kẹ́ kan tó wà nítòsí? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dán wò papọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà kan, inú ìwádìí mìíràn ni yóò ti mú ẹ̀rí rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, tiranẹsámíìkì ní ẹ̀rí tirẹ̀ láti inú ìwádìí WOMAN ti ọdún 2017, tó kó obìnrin 20,060 jọ ní orílẹ̀-èdè 21, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pa 1.5 nínú 100 àwọn tó gba oògùn náà àti 1.9 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Nítorí èyí, ilé ìwòsàn tó bá ra ọ̀rá olóṣùwọ̀n nìkan, tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì ní oògùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò ṣe ohun tí E-MOTIVE dán wò, kò sì lè retí àbájáde rẹ̀.

Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn nínú àyẹ̀wò ni ti àwọn aláìsàn tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ tọ́jú. Nàìjíríà wà nínú ìwádìí náà, èyí sì mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ju bí ì bá ti rí bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó tóbi díẹ̀ ni wọ́n yàn, àwọn tí obìnrin 1,000 sí 5,000 ń bímọ sí lọ́dún, tí wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ ìdìpọ̀ náà dúró fún àyẹ̀wò ara àti pípe ẹni tó jù, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó jù náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé ní abúlé, tí kò ní dókítà lóru, tí ọkọ̀ kò sì sí láti gbé obìnrin lọ, ohun tí ìwádìí yìí sọ kò ṣe é gbé lọ síbẹ̀ láìsí àfikún ẹ̀rí. Bákan náà ni ti obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gbé ọmọ rẹ̀ jáde, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ìwé ìbéèrè àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ti CASP, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ́sífọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ní ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn sí pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni", "bẹ́ẹ̀ kọ́" tàbí "kò dáni lójú". Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" tí kò ní ìdí lẹ́yìn kò níye lórí. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí ó ti rí i nínú àpilẹ̀kọ náà, kí ó sì kọ ìhà tí àìdára náà lè ti àbájáde sí: ṣé yóò mú kí ìtọ́jú náà dára lójú ju bí ó ti rí lọ, àbí yóò bò ó mọ́lẹ̀? Fún irú ìwádìí yìí, kí ó tún wo àfikún tí wọ́n ṣe sí ìlànà CONSORT fún ìwádìí alákójọpọ̀, kí ó sì rántí pé ohun tí ìlànà yẹn ń sọ ni ohun tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ fi hàn, kì í ṣe bóyá ohun tí ó ṣe dára. Àwòrán tó fi iye àwọn tó wọlé àti àwọn tó já bọ́ hàn ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé àkótán E-MOTIVE fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ilé ìwòsàn àti obìnrin tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ fún ni wọ́n fi ṣe ìṣirò. Kí ó ka iye àwọn tí kò ní, kí ó sì wò ó bóyá wọ́n pọ̀ ní ẹgbẹ́ kan ju èkejì lọ.

Ìdájọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ó bá parí gbogbo èyí kò gùn. Ẹ̀rí tó lágbára wà pé ọ̀rá olóṣùwọ̀n pẹ̀lú ìdìpọ̀ ìtọ́jú, tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àti ìpèsè oògùn bí wọ́n ti ṣe nínú ìwádìí náà, ń dín ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le kù fún àwọn obìnrin tó bímọ láti ojú ara ní ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rí nípa ikú kò tíì dájú. Ẹ̀rí fún iṣẹ́ abẹ ìbímọ àti fún ilé ìtọ́jú kékeré kò sí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde pé kí wọ́n máa fi ohun ìgbẹ̀jẹ̀ olóṣùwọ̀n wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo obìnrin tó bá bímọ láti ojú ara, kí wọ́n sì máa lo ìdìpọ̀ ìtọ́jú bí ẹ̀jẹ̀ bá ya.